Abẹ́rẹ́ Umurah, káàdì tó sọnù, àti abẹ́rẹ́ tí aláboyún gbọ́dọ̀ gbà kó tó pẹ́ jù

*Àsàlámù aléékùmù, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìlọrin ni mò ń gbé. Oyún mi kẹta rèé, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 22. Nígbà àkọ́kọ́, ní 2019, mo gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì méjì. Nígbà kejì, ní 2023, mo gba ẹyọ kan. Káàdì méjèèjì ti sọnù nígbà tí a kó ilé. Níbi tí mo ti forúkọ sílẹ̀ báyìí, wọ́n ní àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi sì ní abẹ́rẹ́ náà ti ń pọ̀ jù. Ohun tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kí n tó mọ̀ pé mo lóyún, mo gba abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà àti ti yírunyírun lọ́jọ́ kan náà nítorí Umurah. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ní wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́ ikọ́ nígbà tó lóyún, pé kí n béèrè tèmi. Èwo ni kí n gbà, èwo ni kí n má gbà?*

Aléékùmù sàlámù, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n ti orí èyí tó ń bà yín lẹ́rù bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọkàn yín kò ní balẹ̀ ka ìyókù bí mi ò bá kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Abẹ́rẹ́ méjì tí ẹ gbà lọ́jọ́ kan náà yẹn, lóòótọ́ apá kan náà ni wọ́n lè ti gún wọn sí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ti yírunyírun tí wọ́n ń fún àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà kò ní kòkòrò alààyè kankan nínú. Èèpo kòkòrò náà ni wọ́n mú díẹ̀ lára rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ èròjà mìíràn kí ara lè tètè dá a mọ̀. Èèpo ẹ̀wà kì í hù bí ẹ bá gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí kò lè bí sí i nínú ara yín, kò sì sí ohun tí yóò gbé dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn.

Ti yẹ́lò fífà ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà láàyè, àmọ́ wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò bí sí i díẹ̀ nínú ara ẹni tó gbà á, ara yóò kọ́ bí a ṣe ń bá a jà, yóò sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó dára fún ẹlòmíì gan-an ló jẹ́ ká máa yẹra fún un nínú oyún: a ò fẹ́ kí kòkòrò alààyè, bó ti wù kó yọ̀rọ̀ tó, kọjá sọ́dọ̀ ọmọ tí kò tíì ní ohun ìjà tirẹ̀. Gbogbo abẹ́rẹ́ tó bá jẹ́ irú èyí ni a máa ń sún síwájú títí aláboyún yóò fi bímọ. Àwọn ni ti èèyi àti rùbẹ́là, ti ṣíkìnpọ́ọ̀sì, àti BCG tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ife. Obìnrin tó bá sì ti gba èyíkéyìí nínú wọn, à ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kó tó lóyún. Oyún yín ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gún yín, kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá nǹkan oṣù yín ti pẹ́. Ìbéèrè yẹn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì yẹ kí wọ́n bi obìnrin kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà sókè.

Ṣùgbọ́n kí a yẹra fún nǹkan yàtọ̀ sí pé nǹkan náà ti ba ọmọ jẹ́. Nígbà tí yẹ́lò fífà ń jà ní Nàìjíríà níbí ní 1986, wọ́n gún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn aláboyún sì wà lára wọn. Àwọn dókítà tọpa 101 nínú àwọn aláboyún náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Wọn ò rí àbùkù kankan lára àwọn ọmọ náà tí wọ́n lè sọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà ti wà ní oṣù mẹ́ta ìparí oyún, nítorí náà mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn bá tiyín mu pátápátá, ẹ̀yin tí tiyín bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n ti gún obìnrin ní yẹ́lò fífà láìmọ̀ pé ó lóyún, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún un: ìyẹn kì í ṣe ìdí láti ṣẹ́yún. Ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú yín, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sínú fáìlì. Bí ẹ kò bá tíì ya àwòrán ọmọ, ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ara ọmọ lẹ́sẹẹsẹ jù, ẹ sì ti wà ní bèbè rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ yìí.

Nǹkan mìíràn wà nínú iṣẹ́ 1986 yẹn tí kì í jáde nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Nínú àwọn aláboyún náà, kò tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí ara wọn pèsè ọmọ ogun tó yẹ láti bá àrùn náà jà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tí kò lóyún tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kan náà tó nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Oyún máa ń mú kí ara obìnrin rọra ṣe, kó má baà bá ọmọ tó gbé jà, abẹ́rẹ́ náà sì lè gba ibẹ̀ kọjá láìfi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Yẹ́lò káàdì tí wọ́n fún yín wúlò títí ayé ní pápákọ̀ òfuurufú, torí láti 2016 ni wọ́n ti fagi lé ọdún mẹ́wàá tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í ka káàdì. Ní 2017, ara ọmọbìnrin ọdún 7 kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Kwara wa níbí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí yẹ́lò fífà nígbà tó tún ṣẹ́ yọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá bímọ tán, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ tún un gbà. Ẹ ò ní gbà á lójú ẹsẹ̀, o. Kòkòrò inú rẹ̀ lè gba inú ọmú kọjá sí ọmọ kékeré, ẹ jẹ́ kí ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án ná. Oṣù yẹn náà ni òun fúnra rẹ̀ yóò gba tirẹ̀, ẹ lè jọ gba tiyín papọ̀.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé àrùn náà ń jà ní àdúgbò aláboyún, tàbí tó pọn dandan kó rìnrìn àjò lọ síbi tó ti ń jà, ìṣirò yí padà: ewu àrùn ju ewu abẹ́rẹ́ lọ, dókítà sì lè ní kó gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìrìnnà nìkan ló ń béèrè káàdì, dókítà lè kọ lẹ́tà pé ìyá yìí kò gbọdọ̀ gbà á nítorí oyún. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń lọ Umurah tàbí Hájì kò mọ̀ pé lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí èyí tó jẹ́ ojúlówó ọ̀rọ̀ fún obìnrin tó lóyún ní ilẹ̀ wa, ìyẹn tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Mo ti rí i lójú mi. Ọmọ ọjọ́ 6 ni, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e wá láti abà kan lójú ọ̀nà Omù-Àrán. Ìyá àgbà tó gbé e dání sọ pé gìrì ni, àdí ṣì ń dán lára ọmọ náà. Wọ́n ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ń mu ọmú, ó ń ké bí ọmọ ṣe ń ké. Ọjọ́ kẹrin ni ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún, kò lè di orí ọmú mú mọ́. Mo fi ìka kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó gan gbọnrangandan, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di kókó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó rọ̀. Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn gbàmù lẹ́yìn wa, ó tún gan. Ibi tí a ti ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gìrì nìyẹn. Gìrì kì í sábà mú ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan, ó máa ń bá ibà wá, ọmọ a sì máa dákú. Tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í mú iyè ọmọ lọ. Ìfọwọ́kàn, ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń mú kó gan. A kọ̀wé fún wọn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ló kú.

Bíléèdì tuntun ni wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀, ìyá àgbà náà tún un sọ fún mi léraléra. Ṣùgbọ́n òrí tí wọ́n pò mọ́ eérú ààrò ni wọ́n fi lé e lẹ́yìn náà. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, ó lè wà nínú eruku fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi gbígbóná lásán kì í sì í pa á. Bí ó bá wọ inú ìwọ́ tútù, kò ní rìn káàkiri ara. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa da oró sínú iṣan. Oró yẹn ló ń mú ara gan. Ìyá ọmọ náà kò gba abẹ́rẹ́ kankan nínú oyún.

Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà ni oró yìí kan náà tí wọ́n ti pa agbára rẹ̀ kú. Kòkòrò kò sí níbẹ̀, alààyè tàbí òkú. Ẹ ó rí i pé Td ni wọ́n ń kọ sórí káàdì báyìí dípò TT ti àtijọ́. Wọ́n ti fi ti dìfitéríà, àrùn tó ń dí ọmọ lọ́fun, kún un ni. Kò sí ìgbà kankan nínú oyún tí kò ṣeé gún. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ fún obìnrin tó wá ní oṣù kejì pé kó padà wá bí oyún bá pé oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Oyún púpọ̀ ló máa ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí wọ́n bá sì gún obìnrin lónìí tí ẹ̀jẹ̀ dà lọ́la, abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé yóò dì mọ́. Mo lóye wọn, ṣùgbọ́n èmi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí mo bá ní kó padà wá lè má padà wá mọ́ títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ìdí tí ìgbà fi ṣe pàtàkì ni pé ọmọ kọ́ ni à ń gún, ìyá ni. Ara ìyá ni yóò pèsè ọmọ ogun, ibi ọmọ ni yóò sì máa kó wọn kọjá sínú ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ìkókọjá yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ títí oyún yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13, tín-ń-tín ló sì ń lọ nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ 22 tí ẹ wà yìí, ohun tó wà lára ọmọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà lára yín. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 30, ó ti tó ìdajì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìparí ni ọjà ibẹ̀ ń kún jù, débi pé ọmọ tó bá pé oṣù dáadáa lè ní ju ìyá rẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Kí ọjà yẹn tó lè ná, ẹrù gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Obìnrin tí kò gbà á rí, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kàn ń fi ọ̀tá han ara rẹ̀ ni, ààbò tó ń fúnni kò tó nǹkan. Èkejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, ló ń mú ọmọ ogun jáde, ó sì yẹ kí èkejì náà ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ti ìyá kan tó wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n wa iṣu tán, oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 36, kò gbà á rí láyé rẹ̀. Mo gún ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ 40 ni èkejì bọ́ sí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ìkúnlẹ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ 38 ló bí. Tí a bá ní ká sọ òótọ́, ọmọ rẹ̀ jáde láìní ààbò kankan látọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìmọ́tótó nìkan ló kù wá kù. Mo rí i dájú pé ọ̀dọ̀ wa ló bí sí, mo fi jẹ́ẹ̀lì kílóréṣídíìnì pa ìwọ́ náà lọ́jọ́ tó bí, mo sì fún un ní ìyókù lọ sílé kí wọ́n máa fi pa á lójoojúmọ́ títí ìwọ́ yóò fi já, mo kìlọ̀ pé òrí, eérú, rọ́ọ̀bù tàbí ọṣẹ ìfọyín kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Mo gún un ní èkejì nígbà tó gbé ọmọ wá. Orí yọ ọmọ náà. Ká ní ọ̀sẹ̀ 30 ni ìyá rẹ̀ wá ni, èkejì ì bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 34, kò sí ẹni tí ẹ̀rù ì bá bà.

Tiyín yàtọ̀ sí tirẹ̀ pátápátá. Àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kì í pa rẹ́ pẹ̀lú oyún kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ṣírò wọn láti ìgbà àkọ́kọ́ lọ ni. Lẹ́yìn ìkejì, ìyá ní ààbò ọdún 3. Ìkẹta, tó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìkejì tó oṣù 6, ń fún un ní ọdún 5. Ìkẹrin, lẹ́yìn ọdún kan sí ìkẹta, ń fún un ní ọdún 10, ìkarùn-ún lẹ́yìn ọdún kan mìíràn sì ń mú un dé ìgbà tí kò ní bímọ mọ́. Ìyẹn ni pé márùn-ún péré ni gbogbo rẹ̀ láyé obìnrin. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kò sí ẹni tó fẹ́ máa gún yín títí ayé, àti pé àwọn obìnrin tí mo ti gún pé márùn-ún ní Òró ṣì ń bímọ, bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn lọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn tí wọn ò sọ.

Méjì ní 2019, ẹyọ kan ní 2023: mẹ́ta nìyẹn. Bí ìrántí yín bá tọ̀nà, ààbò ìkẹta ṣì wà lára yín títí di 2028, ẹyọ kan péré, ìkẹrin, ló kù fún oyún yìí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gba ìrántí yín gbọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹyọ kan nísinsìnyí, òmíràn ní ọ̀sẹ̀ 26. Ṣé ẹ rí i pé ohun kan náà ni ìṣirò méjèèjì sọ nípa òní? Ẹ gba ti òní. Ìkejì nìkan ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, ẹ sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti yanjú rẹ̀. Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ní 2019 àti 2023, ẹ mú orúkọ tí ẹ ń jẹ́ nígbà náà àti oṣù tí ẹ bímọ lọ. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ sí sábà máa ń wà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ wọ̀nyẹn sínú káàdì tuntun, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gba ti ọ̀sẹ̀ 26. Àfikún kan kò ní ṣe yín ní nǹkan ju kí apá dùn yín, kó wú díẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi nǹkan ra á. Parasitamọ́ọ̀lù tó bí ara bá gbóná.

Èmi ì bá ka ti ẹnu yín, torí ẹni tó rántí ọdún àti iye kò purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá nọ́ọ̀sì tó ní ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń ka abẹ́rẹ́ ibà àti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, oògùn ibà mẹ́ta tí wọ́n ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan lójú nọ́ọ̀sì láti oṣù kẹrin lọ náà ni wọ́n ń pè ní àjẹsára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn ni. Ẹ máa lò ó bí wọ́n bá fún yín, kò dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ti àbúrò yín ní Lọ́ńdọ̀nù, abẹ́rẹ́ ikọ́ líle tó ń mú ọmọdé hu bí àkùkọ ló ń sọ. Òun náà kò ní kòkòrò alààyè, tẹ́tánọ́ọ̀sì àti dìfitéríà sì wà nínú rẹ̀ papọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọmọ ogun tó ń mú wá kì í pẹ́ lára bíi ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá gbà á nínú oyún kan, yóò ti lọ sílẹ̀ kí òmíràn tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á nínú oyún kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń wá bí ọjọ́ tí ó pọ̀ jù lára ìyá yóò ṣe bọ́ sí ìgbà tí ọjà ibi ọmọ ń kún. Amẹ́ríkà ń fún un láàárín ọ̀sẹ̀ 27 sí 36. Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 16, kí ọmọ tí wọ́n bá bí láìpé oṣù lè rí díẹ̀ mú dání. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ ní ààbò títí yóò fi gba tirẹ̀. Níbí, kò sí lára èyí tí wọ́n ń fún aláboyún lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọmọ wa ń gba ti ikọ́ náà nínú Pẹ́ńtà. Bí ẹ bá rí i rà níléèwòsàn aládàáni tí owó sì wà, ó dára, ọ̀sẹ̀ 28 sí 32 ni ń ó mú fún yín. Ní ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó lè dípò Td kan, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá sí, ẹ má yá owó tìtorí rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ gba Pẹ́ńtà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà gééré, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń wúkọ́ gbé e ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ti fúlúù àti Kòrónà kò léwu fún aláboyún, ìgbàkígbà nínú oyún ni wọ́n lè gún wọn, àìsàn méjèèjì sì máa ń le lára obìnrin tí oyún rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe ń le lára ẹlòmíì lọ. Ti fúlúù ṣọ̀wọ́n níbí. Ti mẹ́dọ̀wú B náà kò ní kòkòrò alààyè. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ẹ kò ní in tí ọkọ yín sì ní in, ẹ lè gbà á nínú oyún. Bí ó bá wà lára yín, ọmọ gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí ẹ bá bí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kó di ọjọ́ kẹjọ. Èyí tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wọn kì í fún aláboyún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní kòkòrò alààyè. Ẹni tó bá ti gba ọ̀kan kó tó mọ̀, kó dá ìyókù dúró títí yóò fi bímọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ni oyún kò gbọdọ̀ dá dúró fún wákàtí kan. Bí ajá bá bu aláboyún jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ oṣù kìíní tàbí oṣù kẹsàn-án. Kòkòrò inú abẹ́rẹ́ náà ti kú. Dìgbòlugi fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá ẹnikẹ́ni sí bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lára.

Bí ẹ bá ń lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú yẹ́lò káàdì yẹn dání, kí wọ́n rí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n ka iye ọ̀sẹ̀ tí oyún ti jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ gba Td ti òní. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi fóònù ya káàdì tuntun náà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ.